Ọ̀kan nínú mẹ́rin kì í ṣe ọmọ kẹrin

Láti ìgbà tí a ti wọ ìsinmi ni mo ti ń kọ́ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní bàólójì. Ó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ohun tó pa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá àti bàólójì pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ìyá ọmọ náà rántí pé mo ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ náà nígbà tèmi, ó sì kàn sílẹ̀kùn wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi jókòó ti àbúrò ẹ.” Ta ni yóò sọ pé rárá?

Àkòrí tó ń dà á láàmú jù ni àjogúnbá. Kì í ṣe pé kò kàwé o. Ó ti há a sórí pé mẹ́ta sí ọ̀kan ni ti jíìnì kan, àti pé mẹ́sàn-án sí mẹ́ta sí mẹ́ta sí ọ̀kan ni ti jíìnì méjì. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni yóò kọ sílẹ̀, yóò ya àpótí Pọ́nẹ́ẹ̀tì kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń lẹ sítáńbù mọ́ lẹ́tà, yóò sì kọjá lọ. Nígbà tí mo wo ìwé rẹ̀, mo rí i pé àwọn àpótí náà dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í.

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa ń bi í gan-an ni mo ṣe tò ó:

Ọkọ àti ìyàwó kan jẹ́ AS. (a) Fi àwòrán hàn bí àwọn ọmọ wọn ṣe lè rí. (b) Kí ni ìṣeéṣe pé ọmọ wọn àkọ́kọ́ yóò jẹ́ SS? (d) Ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ SS. Kí ni ìṣeéṣe pé ọmọ kejì yóò jẹ́ SS? (e) Ọmọ wọn mìíràn ti dàgbà, kì í ṣe SS. Kí ni ìṣeéṣe pé AS ni?

(Bẹ́ẹ̀ ni, láti (b) mo bọ́ sí (d). Yorùbá ni mò ń kà, ẹ má bínú.)

Kí a tó fa ìlà kankan, ọ̀rọ̀ méjì ni mo kọ́kọ́ bá a tún ṣe. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn jíìnì tó ń bẹ lára wa máa ń wà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Oríṣi tí ẹ̀dà kan lè jẹ́ ni wọ́n ń pè ní àlílì. A àti S jẹ́ àlílì jíìnì kan náà, èyí tó ń sọ bí pupa inú ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe rí. Tíṣà rẹ̀ ní kíláàsì ti sọ fún wọn pé A ni “alágbára”, S sì ni “ọ̀lẹ”. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn rárá. S kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lára ẹni tó jẹ́ AS lójoojúmọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń rí i. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé ara ẹni náà le, àìsàn kò hàn, nítorí A tó wà níbẹ̀ ti bo S mọ́lẹ̀. Nítorí náà, abonimọ́lẹ̀ àti afarapamọ́ ni àwa méjèèjì ń pè wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí mú wá kì í ṣe kékeré. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ pé S jẹ́ ọ̀lẹ yóò máa rò pé ó ń kú dànù láti ìran kan sí èkejì. Ohun tó fara pamọ́ kò kú, ó lè jáde lọ́dún ogún òní.

Ó yá, abala (a). Ìlà mẹ́rin ni mo ní kó máa kọ, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, kó tó ronú kan àpótí rárá. Ìlà kìíní ni bí àwọn òbí ṣe rí lójú: ara bàbá le, ara ìyá le. Ìlà kejì ni jẹ́nótáìpù wọn: AS àti AS. Ìlà kẹta ni gámíìtì, èyíinì àtọ̀ bàbá àti ẹyin ìyá, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé: A tàbí S, A tàbí S. Ìlà kẹrin ni àpótí fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn àpótí, kó wá fi gbólóhùn sọ ohun tó rí. Máàkì máa ń wà fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fò láti orí AS àti AS bọ́ sínú àpótí ti ju máàkì gámíìtì nù, àpótí rẹ̀ ì báà pé pérépéré.

Àpótí náà nìyí, gámíìtì bàbá lókè, ti ìyá lápá òsì:

```
        A     S
  A    AA    AS
  S    AS    SS
```

Etí àpótí ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe inú rẹ̀. Inú rẹ̀ kàn jẹ́ àdàpọ̀ ohun tó wà létí; ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kùn ún. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kékeré ń ṣe ni pé ó ń kọ AS odindi sí orí àpótí gẹ́gẹ́ bí gámíìtì kan, á wá kọ AS mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, ohun tó sì ń bọ́ sínú àpótí á jẹ́ AASS. Mo bi í pé, “Ọmọ yìí, ẹ̀dà jíìnì mélòó ló ní?” Ó kà á. “Mẹ́rin, Àǹtí.” “Ìwọ ńkọ́?” “Méjì.” Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti mọ bí yóò ṣe máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀: bí àmì tó wà nínú ilé kan nínú àpótí bá ju iye tí òbí kan ní lọ, etí ló ti bàjẹ́.

Ohun mìíràn tún wà níbi gbólóhùn ìparí. Ìbéèrè lè ní kó o sọ bí àwọn ọmọ ṣe rí ní ti jẹ́nótáìpù, ó sì lè ní kó o sọ bí wọ́n ṣe rí ní ti ìlera. Àpótí kan náà ni, ìdáhùn méjì ni. Ní ti jẹ́nótáìpù, AA kan, AS méjì, SS kan ni. Ní ti ìlera, mẹ́ta ni ara wọn le, ọ̀kan ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe. Èmi ti rí ìwé tí ọmọ kan kọ “3:1” sí níbi tí wọ́n ti béèrè jẹ́nótáìpù. Ẹni tó ń máàkì kò lè fún un ní nǹkan kan.

Mo tún fi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà bi í nínú ìdánwò, pé àlílì kẹta wà tó ń jẹ́ C, ó sì wà láàárín àwa Yorùbá dáadáa. Ẹni tó jẹ́ AS tó fẹ́ ẹni tó jẹ́ AC, àpótí wọn yóò fún wa ní AA, AC, AS àti SC, ilé kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. SC náà jẹ́ oríṣi àrùn yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá SS nìkan kiri nínú àpótí ni ojú wọn máa ń fo ìyẹn, wọ́n á sì sọ pé kò sí ewu torí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní S nínú tọkọtaya. Jíìnì kan náà ṣì ni o, àpótí onílé mẹ́rin náà ṣì ni. Àlílì ló pọ̀ sí i.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti jíìnì kan, a bọ́ sí ti méjì. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gbé ìdáhùn Mẹ́ńdẹ̀lì wá láì wo ìbéèrè. Grẹ́gọ̀ Mẹ́ńdẹ̀lì, ẹni ìjọ Kátólíìkì tó ń gbin ẹ̀wà pí sínú ọgbà ilé àwọn ẹlẹ́sìn ní ìlú Bírúnò, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1866. Ó mú ẹ̀wà tó jẹ́ pé wóró rẹ̀ rí roboto tó sì pọ́n bí ẹ̀lú ìyeyè, ó fi gbà èyí tó hunjọ tó sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Gbogbo ọmọ wọn rí roboto, wọ́n sì jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wá bí tiwọn, wóró 556 ló kà: 315 roboto aláwọ̀ ìyeyè, 108 roboto aláwọ̀ ewé, 101 tó hunjọ tó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, àti 32 tó hunjọ tó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ fi 32 pín àwọn yòókù, ẹ ó rí i pé ó sún mọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta, mẹ́ta, ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ìṣirò yẹn fi jáde bẹ́ẹ̀ ni pé òbí méjèèjì ní àlílì méjì tó yàtọ̀ síra fún jíìnì méjèèjì. Bí òbí kan kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò mìíràn ni yóò jáde. Mo wá fún un ní èyí, tí mo mú láti inú nǹkan tí gbogbo wa mọ̀ ní ilé ìwòsàn: bàbá jẹ́ AS, ìyá náà jẹ́ AS. Ẹ̀jẹ̀ bàbá ní Rísọ́ọ̀sì, ohun tí a máa ń pè ní pọ́sítíìfù, ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ kò ní in, nítorí náà Dd ni bàbá. Ìyàwó rẹ̀ kò ní Rísọ́ọ̀sì, dd ni. D ni abonimọ́lẹ̀. Báwo ni àwọn ọmọ wọn ṣe lè rí?

Ó kọ 9:3:3:1 kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo ní kó pa á rẹ́, kó padà sí ìlà gámíìtì. Òfin ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: gámíìtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú àmì kan, ẹyọ kan péré, nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ mú méjì nínú ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ láìmú. Bàbá jẹ́ AS Dd. Bí ó bá mú A, ó lè mú D tàbí d. Bí ó bá mú S, ó lè mú D tàbí d. Mẹ́rin nìyẹn: AD, Ad, SD, Sd. Ìyá jẹ́ AS dd. Bí ó bá mú A, d ni yóò mú, kò ní òmíràn. Bí ó bá mú S, d náà ni. Méjì péré nìyẹn: Ad àti Sd. Àpótí náà kò ní ilé mẹ́rìndínlógún mọ́, mẹ́jọ ló ní:

```
         AD      Ad      SD      Sd
  Ad    AADd    AAdd    ASDd    ASdd
  Sd    ASDd    ASdd    SSDd    SSdd
```

A wá ń kà á. Àwọn tí ara wọn le tí wọ́n sì ní Rísọ́ọ̀sì jẹ́ mẹ́ta: AADd kan, ASDd méjì. Àwọn tí ara wọn le tí wọn kò ní Rísọ́ọ̀sì jẹ́ mẹ́ta: AAdd kan, ASdd méjì. SSDd kan. SSdd kan. Mẹ́ta sí mẹ́ta sí ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó wo ìwé náà bí ẹni pé mo yí i jẹ. “Àǹtí, èyí ò sí nínú ìwé wa.” Mo ní òótọ́ ni, àpótí ló bí i.

Mo wá fi ọ̀nà kejì hàn án, èyí tí èmi fẹ́ràn ju àpótí ńlá lọ. Ya ìbéèrè náà sí méjì. AS pẹ̀lú AS: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ara wọn le. Dd pẹ̀lú dd: ìdajì ni yóò ní Rísọ́ọ̀sì. Sọ wọ́n di púpọ̀: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdajì jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Ohun tí àpótí sọ náà nìyẹn. Bí ìbéèrè bá ní kó o ya àpótí, yà á, torí máàkì wà fún un. Ṣùgbọ́n fi ọ̀nà yìí yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ilé kan wà nínú àpótí tó o kùn ní ìkùnkukùn, o sì ṣì ní àyè láti wá a kí aago tó lù.

Isọdipúpọ̀ yìí ní ìdí tó fi tọ́. Jíìnì pupa ẹ̀jẹ̀ wà lórí krómósóòmù kọkànlá, jíìnì Rísọ́ọ̀sì wà lórí krómósóòmù kìíní. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà wọ inú gámíìtì. Bí bàbá ṣe fún ọmọ ní S kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú bóyá yóò fún un ní D. Bí jíìnì méjì bá jókòó pẹ́kípẹ́kí lórí krómósóòmù kan náà, wọ́n á máa bá ara wọn rìn bí ìbejì, àpótí tí a fi mẹ́rin dọ́gbadọ́gba sí etí rẹ̀ yóò sì parọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Pọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an, Rẹginálídì Pọ́nẹ́ẹ̀tì ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí a fi sọ àpótí lórúkọ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i tó parọ́. Òun àti Uíílíámù Bétísìn ń ṣiṣẹ́ lórí òdòdó kan, wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀ àti bí ìyẹ̀fun òdòdó náà ṣe gùn tàbí ṣe rí roboto. Nínú 6952 tí wọ́n kà, wọ́n ń retí nǹkan bí 1303 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi méjì tó da ìrísí àwọn òbí àgbà pọ̀. 390 àti 393 ni wọ́n rí. Àwọn tó jọ òbí àgbà gẹ́lẹ́ ló pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá fún yín ní iye tí wọ́n kà, tí ó sì jìnnà réré sí ohun tí àpótí sọ, tí àwọn tó jọ òbí sì pọ̀ jù, ẹ má fipá mú un wọ inú 9:3:3:1. Ẹ kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí jíìnì méjèèjì so pọ̀ sórí krómósóòmù kan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí tọkọtaya AS wa, torí abala (b), (d) àti (e) ṣì wà nílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdánwò.

Abala (b) rọrùn: ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà tí a dé (d), ìyá rẹ̀ ń gbé ìrẹsì kọjá lẹ́yìn wa, ó sì dúró. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí. Èkejì jẹ́ SS, ó sì ti kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóru tó kọjá kíkà. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún òun àti bàbá wọn láyé ìgbà náà, wọ́n sọ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, òun sì fi ọkàn balẹ̀ bí àbíkẹ́yìn, torí pé “ọ̀kan yẹn ti dé”. Ọmọ rẹ̀ gbé bírò, òun náà sì kọ òdo sí iwájú (d). Ìdáhùn tí ìyá rẹ̀ ti gbà gbọ́ látọdún yìí wá ló kọ.

Mo rò ó pé èdè wa náà lọ́wọ́ nínú èyí. “Ọ̀kan nínú mẹ́rin” jẹ́ ohun tí à ń sọ nípa ọsàn mẹ́rin tó wà nínú abọ́: bí a bá ti mú ọ̀kan tó kan, mẹ́ta yòókù dùn. Ṣùgbọ́n ilé mẹ́rin inú àpótí kì í ṣe ọmọ mẹ́rin. Ọ̀nà mẹ́rin tí oyún kan ṣoṣo lè gbà wá ni. Nígbà tí oyún kejì bá dé, wọ́n á ya àpótí náà lákọ̀tun, gbogbo ilé mẹ́rin á sì tún ṣófo. Nítorí náà, “fún oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin” ni èmi máa ń sọ báyìí, mo sì máa ń tẹ “kọ̀ọ̀kan” mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, a mú ife méjì. A fi ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan sínú ife kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni bàbá, ọ̀kan ni ìyá. Funfun ni A, pupa ni S. Ọmọ náà di ojú, ó mú ẹyọ kan nínú ife kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá wọn padà, ó mi ife. Dídá padà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ara bàbá kì í tán ní S. Ó ṣe é nígbà 40. AA 11, AS 21, SS 8. A wá pín in ní mẹ́rin-mẹ́rin bí a ṣe mú un tẹ̀ léra, bí ẹni pé ìdílé mẹ́wàá ló bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin. Ìdílé mẹ́rin kò ní SS rárá. Mẹ́rin ní ẹyọ kan. Méjì ní méjì-méjì. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń wo ìdílé méjì yẹn.

Ìṣirò náà kò jìnnà sí ohun tí ẹ̀wà sọ. Kí ọmọ mẹ́rin wá kí SS má sí nínú wọn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, èyíinì 81 nínú 256, ó dín díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kí ẹyọ kan péré wà nínú mẹ́rin jẹ́ 27 nínú 64, kò tó ìdajì. Ìdílé tó bí mẹ́rin tí ó sì rí gẹ́lẹ́ bí àpótí ṣe rí kò pọ̀ tó àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn (d), ìdá kan nínú mẹ́rin ni, bíi ti (b). Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i, torí wọ́n máa ń béèrè: oyún kan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú.

Ó ku (e). Àwọn tó ń ka àpótí kíákíá máa ń kọ ìdajì, torí AS jẹ́ ilé méjì nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ti sọ nǹkan kan fún wa nípa ọmọ yìí: kì í ṣe SS. Ilé kẹrin kò lè jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ẹ fi ọwọ́ bo SS nínú àpótí. Mẹ́ta ló ṣẹ́kù: AA, AS, AS. Méjì nínú mẹ́ta ni AS. Ìyàtọ̀ (d) àti (e) nìyí, ó sì yẹ kí ẹ ronú lé e lórí: nínú (d), ohun tí wọ́n sọ fún wa jẹ́ ti ọmọ mìíràn, kò kan ẹni tí à ń bi wá nípa rẹ̀, nínú (e), ti ọmọ náà gan-an ni.

Ó fi ọwọ́ bò ó. Ó kà á. Ó kọ “2/3” sílẹ̀, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, “Àǹtí, èmi nìyí.”

Òun ni àkọ́bí. Ara rẹ̀ le koko, bọ́ọ̀lù ló ń gbá lójoojúmọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó ronú kàn án láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ti àbúrò rẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ní, “Ṣebí ara tìẹ dá?” Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ló dá a lóhùn. Ó fa àpótí náà síwájú ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí AS méjèèjì. “Mọ́mì, ara àwọn wọ̀nyí náà dá. Ara ẹ̀yin àti Dádì náà dá.”

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jọ lọ, òun àti àbíkẹ́yìn. Àyẹ̀wò náà kò nira: wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n á fi iná mànàmáná tì í kọjá lórí bébà, A àti S á sì rìn ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra títí wọn yóò fi jìnnà sí ara wọn. Ẹni tó jẹ́ AA yóò ní ìlà A, ẹni tó jẹ́ AS yóò ní ìlà méjèèjì. Ó gbà mí láyè láti kọ èyí bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Àbíkẹ́yìn jẹ́ AA. Òun jẹ́ AS. Ó fi tẹlifóònù ya èsì náà ránṣẹ́ sí mi, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n mú ìbéèrè oníjíìnì méjì mìíràn wá lọ́la, ṣùgbọ́n kí bàbá má jẹ́ AS mọ́, ó ti sú òun.